Ẹ̀dà Tí A Kà Ni À Ń Tọ́ka Sí

Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ó gba Ìtóìkín wá bá mi n'Ìkòròdú, pirójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ka iṣẹ́ àṣekágbá wọn kí wọ́n tó gbé e lọ dì. Nínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí rẹ̀, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìwé kan, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Èyí ti jáde nínú jọ́nà. Yọ pirípíríńtì, fi ti jọ́nà sí i."

"Mo ti ṣe é, sà," ọmọ náà sọ fún mi. "Mo ti yí 2018 sí 2020 níbi gbogbo. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá kọ́mà rẹ̀ wà níbi tó yẹ."

Kọ́mà rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ohun tó wà lójú ìwé ni kì í ṣe òótọ́ mọ́, ó sì jẹ́ òótọ́ kí bírò pupa yẹn tó kàn án.

Àṣẹ tí olùkọ́ yẹn pa ni mo fẹ́ bá jà níbí. Kì í ṣe òun nìkan ló ń pa á. Ó ti di ohun tí gbogbo ènìyàn gbà, láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé orí ìjókòó àwọn olùdánwò tó ń ti ìta wá: bí iṣẹ́ kan bá ti kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bíi pirípíríńtì, tó wá padà jáde nínú jọ́nà, ti jọ́nà nìkan ni kó wà nínú àkójọ ìwé, kí a pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ bí ẹni pé kò wáyé rí. Mo ní irọ́ ni. Ẹ̀dà tí ọ̀rọ̀ wa ti jáde wá ni ẹ̀dà tó yẹ ká tọ́ka sí. Bí a bá fẹ́ tọ́ka sí òmíràn, ká lọ kà á, ká sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa bá a mu.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Pirípíríńtì ni iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé kí jọ́nà kankan tó fi í fún àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń ṣe é lórí arXiv láti 1991. Àwọn onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní tiwọn, bioRxiv, láti 2013. Láàárín ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé síbẹ̀ àti ọjọ́ tí jọ́nà bá tẹ̀ ẹ́, oṣù mélòó kan lè kọjá, ó sì lè tó ọdún méjì. Láàárín àkókò yẹn, àwọn olùyẹ̀wò á béèrè ìbéèrè, àwọn òǹkọ̀wé á tún ìṣirò ṣe, wọ́n á yọ èyí, wọ́n á fi tọ̀hún kún un. Orúkọ òǹkọ̀wé lè má yí padà, àkọlé lè má yí padà, síbẹ̀ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀.

Iṣẹ́ tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí tọ́ka sí fi èyí hàn kedere, ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá gan-an ló sì dá lé. Ní oṣù kẹta 2018, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Kalifóníà ní Los Angeles, gbé iṣẹ́ kan sórí bioRxiv. Wọ́n ń wá ipa ìran ènìyàn àtijọ́ kan nínú àbùdá àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìran tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí egungun rẹ̀ kó sọ pé òun nìyí. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n lo àbùdá wọn, àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí ayé láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ń fi lẹ́tà YRI pè. Nínú àṣàmọ̀ ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn, iye kan ṣoṣo ni wọ́n pè fún Yorùbá: ìdá 7.97 nínú ọgọ́rùn-ún àbùdá wa, kó lé tàbí kó dín ní 0.6, ló ti ọ̀dọ̀ ìran àtijọ́ náà wá.

Ní oṣù kejì 2020, iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà Science Advances. Àkọlé kan náà ni, òǹkọ̀wé méjì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka àṣàmọ̀ rẹ̀. Jínóòmù ènìyàn 405 láti ìran mẹ́rin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: Yorùbá láti Ìbàdàn, Ẹ̀sán láti ilẹ̀ wa níbí, àwọn ará Gáńbíà, àti Mẹ́ńdé láti Sàró. Iye tí wọ́n pè kì í ṣe 7.97 mọ́. Wọ́n ní láti ìdá 2 dé ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ìran wọ̀nyí gbà lọ́wọ́ ìran àtijọ́ náà. Fún Yorùbá nìkan, ohun tó wà nínú àṣàmọ̀ náà ni pé àwọn ègé àbùdá àtijọ́ tí wọ́n rí, tí a bá kó wọn jọ, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 482 lẹ́tà. Ti Mẹ́ńdé jẹ́ mílíọ̀nù 502.

Ẹ wá wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ ní orí kejì pirójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó kọ pé ìdá 7.97 nínú ọgọ́rùn-ún àbùdá Yorùbá wá láti ọ̀dọ̀ ìran àtijọ́ tí a kò mọ̀, ó sì fi Durvasula àti Sankararaman, 2018, sí àkámọ́. Òótọ́ ni. Ibi tó ti kà á nìyẹn, ohun tó sì wà níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn bírò pupa, gbólóhùn kan náà dúró, 2018 di 2020. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣí jọ́nà láti wo 7.97, 2 sí 19 ló máa bá ní ojú ewé àkọ́kọ́. Á ní ọmọ yìí kò mọ ìwé kà. Bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kà. Àṣẹ tí wọ́n pa fún un ló sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí èké.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà lásán. 7.97 tó lé tàbí tó dín ní 0.6 túmọ̀ sí pé láti 7.37 dé 8.57 ni. Ẹni tó bá kà á á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé a ti mọ iye náà dé ibi tó kù díẹ̀. Láti 2 dé 19 jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ pé ohun kan wà níbẹ̀, ó dá mi lójú pé ó wà, ṣùgbọ́n bó ṣe pọ̀ tó kò tíì hàn dáadáa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú. Iye àkọ́kọ́ wá láti inú kíka àwọn ègé jínóòmù tí ìlànà wọn fura sí. Iye kejì wá láti inú wíwo bí àwọn ìyàtọ̀ inú àbùdá ṣe ń wọ́pọ̀ tó láàárín ènìyàn, kí wọ́n tó fi oríṣiríṣi ìtàn ìran wé e. Ẹni tó bá gbé iye ti àkọ́kọ́ sórí orúkọ ìwé kejì ti fi ìdánilójú tí àwọn òǹkọ̀wé kò pè mọ́ sí wọn lẹ́nu.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, nítorí náà mo fi ẹja ṣàlàyé fún un. Mo ní bí ó bá ra ẹja tútù ní ọjà Olúwo, tó gbé e sórí ìwọ̀n, tó jẹ́ kílò méjì, tó wá gbé e lọ yan, ṣé ó lè gbé ẹja yíyan yẹn síwájú oníbàárà kó ní kílò méjì ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n á bá òun jà. Ẹja kan náà ni, apẹja kan náà ló pa á, àwo kan náà ni wọ́n gbé e sí. Ìwọ̀n tó pè, ti tútù ni. Bó bá fẹ́ pe ìwọ̀n ti yíyan, kó tún gbé e sórí ìwọ̀n.

Mo mọ ohun tí àwọn tó di èrò àtijọ́ yìí mú máa sọ, mi ò sì fi ojú kékeré wò ó. Wọ́n á ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀: jọ́nà ni orí, àwọn olùyẹ̀wò ti yẹ̀ ẹ́ wò, bí àṣìṣe bá sì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, jọ́nà á kéde àtúnṣe. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn àgbáyé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ICMJE, sọ pé bí pirípíríńtì bá ti jáde nínú jọ́nà, ti jọ́nà ni kí òǹkọ̀wé tọ́ka sí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà dé òpin: ó fi kún un pé níbi tó bá yẹ. Ìlànà APA, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní ilẹ̀ yìí ń lò, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn nínú ẹ̀dà keje rẹ̀. Ó ní bí a bá rí ti jọ́nà, ká lo ti jọ́nà; ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pirípíríńtì ni a lò, òun ni ká kọ sílẹ̀. Apá kìíní gbólóhùn yìí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ. Apá kejì ni wọ́n ń gé dànù.

Bí a bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí àti ẹsẹ̀ yìí nítumọ̀, ohun tó sọ jọ́nà di orí ni pé àwọn ènìyàn yẹ iṣẹ́ náà wò tí wọ́n sì tún un ṣe. Níbo ni àtúnṣe yẹn wà nínú pirójẹ́ẹ̀tì ọmọ tó kàn yí ọdún padà? Kò ka àtúnṣe náà. Kò gba iye tuntun. Ó kàn gba aṣọ oyè jọ́nà, ó fi bo nọ́ńbà tí jọ́nà gan-an kò fi síwájú mọ́. Àwọn tó ń pa àṣẹ yìí rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ìyẹ̀wò àwọn onímọ̀. Ìyẹ̀wò yẹn ni wọ́n ń sọ di asán, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí èsì tó wáyé ṣáájú rẹ̀ máa rìn kiri lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀rọ̀ ọdún. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí pààrọ̀ 2018 sí 2020 níbi gbogbo, ìtàn iṣẹ́ náà dojú dé. Bí ìwé kan tó jáde ní 2019 bá dáhùn sí pirípíríńtì 2018, tí a bá wá pa 2018 rẹ́, ìwé 2019 á máa dáhùn sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì sọ títí di 2020. Ọmọ á ṣáájú baba. Nínú orí kejì pirójẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń to ohun tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ̀lé ara wọn, àṣìṣe yìí máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kì í sì mọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀lẹ ló máa ń fa èyí. Ọ̀nà tí ọmọ gbà ń rí ìwé ló ń fà á. Ó wá àkọlé kan lórí Google Scholar. Ojú òpó yẹn máa ń kó àwọn ẹ̀dà iṣẹ́ kan jọ sí ojú kan, ó sì sábà máa ń fi ti jọ́nà ṣe olórí wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìlà PDF tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ti bioRxiv. Ọmọ tẹ ìyẹn, ó ka pirípíríńtì. Lẹ́yìn náà ó padà, ó tẹ Cite nísàlẹ̀, wọ́n fún un ní ìtọ́kasí ti jọ́nà, ó dà á kọ. Kò mọ̀ pé ìwé méjì lòun fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pirójẹ́ẹ̀tì tó gba ọwọ́ mi kọjá ló ní irú èyí, láìsí bírò pupa kankan.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ kò le. Mo máa ń mú nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú gbólóhùn náà, mo á ṣí ìwé tó tọ́ka sí gan-an, mo á tẹ Ctrl+F, mo á kọ nọ́ńbà yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, mo á wá pirípíríńtì rẹ̀ lọ. Lórí bioRxiv, bí iṣẹ́ bá ti jáde nínú jọ́nà, wọ́n máa ń kọ Now published in sí abẹ́ àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú DOI tuntun. Ti iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí, 10.1101/285734 ni ti bioRxiv, 10.1126/sciadv.aax5097 sì ni ti jọ́nà. Ẹ kíyè sí i pé àkọsílẹ̀ Now published in yìí kì í fara hàn lọ́jọ́ kan náà tí jọ́nà bá jáde, ó sì lè má fara hàn rárá bí àkọlé bá yí padà, nítorí àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé ni wọ́n fi ń mú iṣẹ́ méjèèjì bá ara wọn. Nítorí náà, àìrí i kò túmọ̀ sí pé jọ́nà kò tíì tẹ̀ ẹ́. Kí èèyàn tún fi orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wá a kiri.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó gbà pẹ̀lú mi pàápàá máa ń gbàgbé. Pirípíríńtì fúnra rẹ̀ lè ní ju ẹ̀dà kan lọ. Lórí bioRxiv, àwọn òǹkọ̀wé lè tún gbé e sókè bí wọ́n bá fẹ́, DOI kan náà ló máa jẹ́, ẹni tó bá sì tẹ DOI náà máa bá ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn pàdé. Èyí tó bá kà ni kó fi nọ́ńbà rẹ̀ kún un, v1 tàbí v2, bó ṣe wà ní òpin àdírẹ́sì ojú òpó náà. 7.97 tí mo ń sọ láti àárọ̀, ti v1 ni. Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ti ṣe ohun tí mò ń bá ẹlòmíràn jà lé lórí.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì wà tó jẹ́ òdìkejì èyí, mo sì ti rí i nínú iṣẹ́ ọmọ mìíràn n'Ìkòròdú níbí. Ó fi pirípíríńtì àti jọ́nà sínú àkójọ ìwé rẹ̀, ó wá kọ pé "ìwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fi èyí múlẹ̀." Ìwádìí kan ni. Ẹni kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú iṣẹ́ tó ń kó èsì oríṣiríṣi ìwádìí jọ láti ṣírò wọn papọ̀, irú èyí máa ń ka àwọn aláìsàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èsì á wá dà bí ẹni pé ó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ìwé méjèèjì lè wà nínú àkójọ, ṣùgbọ́n kí gbólóhùn inú iṣẹ́ sọ gbangba pé èkíní ló di èkejì.

Kí ni mo wá ní kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí ṣe? Mo ní kó ṣí jọ́nà náà, kó kà á. Kò sí àwíjàre, torí ọ̀fẹ́ ni Science Advances fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. (Bó bá jẹ́ jọ́nà tí wọ́n tì, tó ń béèrè dọ́là ni, ọ̀rọ̀ mi á yàtọ̀: kó tọ́ka sí pirípíríńtì tó rí kà, kó sì kọ ọ́ pé pirípíríńtì ni. Ìwé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tì mọ́ wa lójú, a kò lè jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú rẹ̀.) Ó jókòó lórí àga mi, ó kà á fún bíi wákàtí kan, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà.

Nígbà tó parí, mo bi í pé èwo ló gbàgbọ́. Ó ní ti jọ́nà, nítorí ìran mẹ́rin ni wọ́n wò, wọ́n sì jẹ́ kí a mọ̀ pé iye náà kò tíì dájú. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ tuntun sọ pé láti ìdá 2 dé ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mẹ́rin, tí Yorùbá wà lára wọn, gbà lọ́wọ́ ìran àtijọ́ kan, 2020. Ó wá fi ìlà kan tẹ̀lé e: pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ iṣẹ́ yìí, tó jáde gẹ́gẹ́ bíi pirípíríńtì ní 2018, pe iye kan tó há jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Yorùbá, 7.97. Ìwé méjèèjì wà nínú àkójọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú DOI tirẹ̀, èkíní sì ní v1 lára. Bó bá jẹ́ pé iye méjèèjì dọ́gba ni, ǹ bá ní kó yọ pirípíríńtì kúrò, kí ti jọ́nà nìkan dúró, olùkọ́ rẹ̀ àti èmi ì bá sì fohùn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka méjèèjì nìkan ló lè mọ̀ pé wọ́n dọ́gba.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá olùkọ́ náà kò ní bínú pé pirípíríńtì ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kó fi ojú ewé méjèèjì hàn án, kó fi ìka sí 7.97, kó tún fi ìka sí 2 dé 19.

Ìwé ìlànà pirójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un ní ẹ̀ka rẹ̀ ní gbólóhùn kan tó sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìtọ́kasí jọ́nà rọ́pò pirípíríńtì nígbà gbogbo. Mo fẹ́ kí wọ́n pa gbólóhùn yẹn rẹ́ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ èyí dípò rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ wò bóyá pirípíríńtì tó lò ti jáde nínú jọ́nà, bó bá ti jáde, kó ka ti jọ́nà, kó fi wé èyí tó lò, kí gbólóhùn rẹ̀ àti ọdún tó wà nínú àkámọ́ sì jẹ́ ti ìwé kan ṣoṣo.